Awọ Tó Ń Dí Ọ̀nà Èémí

Ìyá kan tan iná fóònù rẹ̀ sí ẹnu ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 7. Ọjọ́ kẹta rèé tí ọmọ náà ti ń sọ pé ọ̀fun ń dun òun. Ara rẹ̀ gbóná, àmọ́ kò gbóná púpọ̀. Ó kàn rẹ̀ ẹ́, kò sì fẹ́ jẹun.

"Ya ẹnu dáadáa. Sọ pé 'áà'."

Ìyá yìí ti wo ọ̀fun ọmọ rí. Ó ń retí ọ̀fun tó pọ́n, bóyá pẹ̀lú àmì funfun tótòtó díẹ̀. Ohun tó rí jọ awọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ó nípọn, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀fun lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó sì ti ń rá lọ sí ẹ̀yìn. Èémí tó ń ti ẹnu ọmọ náà jáde ń rùn. Ìyá fi ìdí ṣíbí kan awọ náà bóyá yóò ṣí kúrò. Kò ṣí. Ẹ̀jẹ̀ ló yọ.

"Bẹ̀lúbẹ̀lú ni," ìyá ọkọ rẹ̀ sọ láti orí àga. "Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pe bàbá tó máa ń gé e."

Ọmọ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Mo fi í ṣe àpẹẹrẹ kí a lè tọ ipasẹ̀ àrùn náà láti ọjọ́ dé ọjọ́, bí ó ti máa ń rìn lára ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé. Ká pe ọmọ náà ní Dèjì. Àrùn tó ń ṣe Dèjì ni dìfitéríà. Àwọn ará Kánò, tí wọ́n mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ wa lọ láti ọdún 2023, ń pè é ní mashako. Bí wọ́n bá gé nǹkan kan ní ọ̀fun Dèjì ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ yóò dà sí ọ̀nà èémí tó ti ń há tẹ́lẹ̀, ọ̀fun yóò tún wú sí i, ohun tó ń pa ọmọ náà kò sì ní dín kù rárá. Ohun tó ń pa á kì í ṣe ẹran ara tó wà ní ọ̀fun. Oró ni.

Ibi tí awọ náà ti wá

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dókítà kan wà ní ìlú Tours ní ilẹ̀ Faransé tó ń jẹ́ Pierre Bretonneau. Ó ti yẹ òkú ọ̀pọ̀ ọmọdé tí àrùn ọ̀fun pa wò, ó sì kíyè sí i pé awọ kan náà ló ń rí ní ọ̀fun wọn. Ní ọdún 1826, ó fún àrùn náà ní orúkọ tó mú jáde láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó túmọ̀ sí awọ, irú awọ ẹran tí a sá gbẹ. Orúkọ yẹn ló di dìfitéríà.

Àmọ́ kì í ṣe awọ gidi. Ẹran ara kò hù ú. Kòkòrò àrùn náà máa ń ti inú ikọ́, èésín tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíì wọlé. Yóò dúró sí ojú ọ̀fun, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. Láàárín ọjọ́ 2 sí 5, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, yóò ti máa tú oró jáde. Oró yẹn ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ojú ọ̀fun pẹrẹsẹ. Ara rí i pé ojú ibẹ̀ ti di egbò, ó sì ń ṣe ohun tó máa ń ṣe sí egbò: omi ara ń sun jáde, ẹ̀jẹ̀ rán okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ tó fi ń dì síbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó jẹ́ ọmọ ogun ara sì rọ́ wá, wọ́n ń kú síbẹ̀. Òkú sẹ́ẹ̀lì, òkú ọmọ ogun, okùn ẹ̀jẹ̀ àti kòkòrò alààyè, gbogbo wọn dì pọ̀ bí ìgbà tí èèpá bá lé lójú egbò. Ìyàtọ̀ kan ni pé èèpá yìí wà ní ojú ọ̀nà tí a fi ń mí.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi yọ nígbà tí ìyá Dèjì kàn án. Okùn ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn ti wọ inú ẹran ọ̀fun bí gbòǹgbò. Ọ̀ràn mìíràn lè mú kí nǹkan funfun hàn ní ọ̀fun ọmọ, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn máa ń dúró sórí bẹ̀lúbẹ̀lú nìkan, wọ́n sì máa ń nù kúrò. Ti dìfitéríà kì í nù kúrò, ó sì máa ń kọjá ààlà, ó lè bo àfọ̀n ọ̀fun tàbí kó bá ihò imú lọ. Ó tún jẹ́ pé ibà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ga, èyí tó ń mú kí òbí rò pé ọ̀rọ̀ náà kò le. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbìyànjú láti ha awọ náà kúrò nílé. Egbò tuntun yóò ṣí, yóò sì wú sí i.

Oró tó ń so ọ̀kọ̀ mọ́ òfì

Ní ọdún 1884, Friedrich Loeffler ní ilẹ̀ Jámánì ya kòkòrò náà sọ́tọ̀, ó sì sìn ín nínú ìgò. Ohun kan ń yà á lẹ́nu. Nínú àwọn ọmọ tó kú, ọkàn ti bàjẹ́, kíndìnrín ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀fun nìkan ló ti ń rí kòkòrò náà. Báwo ni ẹni tí kò kúrò ní ẹnu ọ̀nà ṣe ń ba yàrá jẹ́? Ó rò pé kòkòrò náà gbọ́dọ̀ máa fi nǹkan ránṣẹ́.

Ọdún 4 lẹ́yìn náà, Émile Roux àti Alexandre Yersin ní Párísì fi hàn pé òótọ́ ni. Wọ́n sin kòkòrò náà nínú omi ọbẹ̀, wọ́n wá sẹ́ omi náà gba inú amọ̀ tanganran tí ihò rẹ̀ kéré débi pé kòkòrò kankan kò lè kọjá. Omi tó mọ́ gaara tó jáde ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n gún sí àwọn ẹranko kéékèèké tí wọ́n fi ń dánwò lára. Kò sí kòkòrò kan ṣoṣo nínú omi náà, síbẹ̀ àwọn ẹranko náà kú, ara wọn sì bàjẹ́ bí ara àwọn ọmọ tí dìfitéríà pa.

Lónìí a mọ bí oró yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní apá méjì. Apá kan mọ ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì, òun ló ń di ilẹ̀kùn mú tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé e wọlé. Apá kejì ni apànìyàn. Bí ó bá ti wọlé, yóò já kúrò lára ẹnìkejì rẹ̀, yóò sì lọ bá ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń hun purotéènì.

Ẹ ro ìdí òfì. Ọ̀kọ̀ ni igi tó ń gbé òwú lọ, tó ń gbé e bọ̀, tí aṣọ fi ń gùn sí i. Bí ọ̀kọ̀ bá dúró, òwú lè pọ̀ bí ó ṣe fẹ́, ọwọ́ ahunṣọ lè yá bí ó ṣe fẹ́, aṣọ kò ní gùn mọ́. Sẹ́ẹ̀lì ara wa náà ní ohun kan tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀kọ̀ yìí, tó ń sún purotéènì síwájú bí wọ́n ti ń hun ún. Oró dìfitéríà máa ń so nǹkan kékeré kan mọ́ ọ̀kọ̀ yẹn lára, ọ̀kọ̀ náà kò sì ní lè rìn mọ́. Bí ó bá ti so ọ̀kan tán, yóò tún so òmíràn, oró náà fúnra rẹ̀ kì í tán. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ẹyọ kan péré nínú apá apànìyàn náà tó láti pa odindi sẹ́ẹ̀lì kan. Sẹ́ẹ̀lì tí kò lè hun purotéènì mọ́ kò ní pẹ́ kú.

Ohun kan ṣì wà tó yẹ ká mọ̀ nípa oró yìí. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò dìfitéríà ló ní in. Ní ọdún 1951, Victor Freeman ní Amẹ́ríkà ṣàwárí pé fáírọ́ọ̀sì kan tó máa ń ran kòkòrò náà ló ń gbé ìlànà ṣíṣe oró wọ inú rẹ̀. Kòkòrò tí fáírọ́ọ̀sì yẹn kò wọ̀ lè gbé ní ọ̀fun ènìyàn láìṣe é ní irú ọṣẹ́ yìí. Nítorí náà, nígbà tí ilé àyẹ̀wò bá rí kòkòrò náà lára òwú tí wọ́n fi nu ọ̀fun, ìbéèrè kejì ṣì kù: ṣé èyí ń tú oró? Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì lè gba ọjọ́ díẹ̀. Dèjì kò ní ọjọ́ díẹ̀.

Nígbà tí èémí bá ń fọn bí fèrè

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta yẹn, ọrùn Dèjì wú lábẹ́ àgbọ̀n títí tí ọrùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi di ọgbọọgba. Àwọn dókítà ń pe irú rẹ̀ ní ọrùn màlúù, ó sì jẹ́ àmì pé oró náà ti pọ̀ lára. Ohùn rẹ̀ há. Ó ń wúkọ́ bí ìgbà tí ajá bá ń gbó. Bí ó bá fa èémí sínú, ó ń dún híín bí fèrè tí wọn kò fun dáadáa.

Ìró yẹn ló yẹ kó lé gbogbo ilé dìde. Ó túmọ̀ sí pé awọ náà ti dé gògóńgò, níbi tí ọ̀nà èémí ọmọdé ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ. Bí ẹ bá ká aṣọ Dèjì sókè, ẹ ó rí i pé àlàfo tó wà láàrin egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá mí, ihò ọrùn rẹ̀ náà ń wọnú, nítorí pé ó ń fi agbára fa afẹ́fẹ́ gba ojú ihò tó ti kéré jù. Bí ètè tàbí èékánná bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú ràkọ̀ràkọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ojú rẹ̀. Awọ náà sì lè já lójijì kó bọ́ sínú ọ̀nà èémí, ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn yóò sì pa ẹnu dé.

Ọmọ tó bá ń mí báyìí, kí wọ́n jẹ́ kó jókòó bí ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí wọ́n má fipá dùbúlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n má sì tún máa ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹkún àti ìjàkadì ń mú kí ọ̀nà tó há tún há sí i. Ilé ìwòsàn ńlá ló kàn. Níbẹ̀, wọ́n lè ti rọ́bà wọ ọ̀nà èémí rẹ̀, tàbí kí wọ́n dá ihò sí iwájú ọrùn lábẹ́ ibi tí awọ náà dí, kí afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ abẹ yìí ti pẹ́. Bretonneau kan náà tó sọ àrùn yìí lórúkọ ṣe é fún ọmọ kan ní ọdún 1825, ọmọ náà sì yè. Àmọ́ ihò ọrùn ń yanjú ọ̀ràn awọ nìkan. Oró tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ṣì ń lọ sí ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ̀rọ̀ tó ti ara ẹṣin wá

Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé Dèjì dé kò dúró de èsì àyẹ̀wò. Dókítà wo ọ̀fun, ó wo ọrùn, ó fi òwú nu ọ̀fun ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, ó sì béèrè fún ẹ̀rọ̀ oró, oògùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pè ní ántítọ́síìnì.

Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Berlin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1890, Emil von Behring àti Kitasato Shibasaburō láti Japan kéde pé ẹranko tí a bá fún ní oró díẹ̀díẹ̀ títí tí oró kò fi ràn án mọ́ máa ń ní nǹkan kan nínú omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń rọ oró náà. Wọ́n tún rí i pé bí a bá gbé omi ẹ̀jẹ̀ yẹn fún ẹranko mìíràn, yóò dáàbò bo òun náà. Ẹranko kéékèèké kò lè fúnni ní omi ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó. Roux ní Párísì ló wá lo ẹṣin, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀, tó sì ń fara da oró náà. Ní ọdún 1894, ó fún àwọn ọmọ ní oògùn náà ní ilé ìwòsàn ọmọdé kan ní Párísì. Ṣáájú ìgbà yẹn, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tí dìfitéríà gbé wá síbẹ̀ ló ń kú. Lọ́dún yẹn, ó bọ́ sí nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́rin. Behring ló gba Ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ní ọdún 1901.

Títí di òní, ẹṣin ló ń fún wa ní ẹ̀rọ̀ náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn sójà ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tí wọ́n mọ ojú oró dìfitéríà. Bí wọ́n bá pàdé oró tó ń fò kiri nínú ẹ̀jẹ̀, wọn yóò dì mọ́ ọn, kò sì ní lè di ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì kankan mú mọ́.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ náà nìyẹn. Oró tó ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì ti kọjá ibi tí ọwọ́ ẹ̀rọ̀ lè tó. Kò sí oògùn tó lè fà á jáde, kò sì sí oògùn tó lè tú ọ̀kọ̀ tó ti so. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Gbogbo wákàtí tí ọmọ fi wà nílé, tí wọ́n ń fún un ní omi gbígbóná àti àgbo, oró ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ọkàn àti iṣan. Ọmọ tó gba ẹ̀rọ̀ ní ọjọ́ kìíní àìsàn ní àǹfààní tó ga gan-an ju ọmọ tó gbà á ní ọjọ́ karùn-ún lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn kan náà ni.

Ìwọ̀n rẹ̀ pàápàá ń tẹ̀lé ọjọ́. A kì í fi ọjọ́ orí tàbí ìwọ̀n ara ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣe sí ọ̀pọ̀ oògùn ọmọdé. Bí oró ṣe pọ̀ tó ló ń pinnu rẹ̀, torí náà ọmọdé àti àgbà ń gba iye kan náà. Ẹni tí àrùn rẹ̀ mọ sí ọ̀fun, tí kò tíì ju ọjọ́ 2 lọ, lè gba 20,000 sí 40,000 yúnítì. Ẹni tí tirẹ̀ ti tó ọjọ́ 3 tàbí tí ọrùn rẹ̀ ti wú, 80,000 sí 100,000 ni. Dèjì wà ní ìsọ̀rí kejì. Ìgò kékeré tó ní 10,000 yúnítì ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì ní láti kó ìgò 8 jọ fún ọmọ kan ṣoṣo.

Nítorí pé ara ẹṣin ló ti wá, ara ènìyàn lè kọ̀ ọ́ lójijì. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi títí tó fi fúyẹ́, ó kán an sójú ibi tó fi abẹ́rẹ́ họ díẹ̀ lápá Dèjì, ó sì dúró wò ó bóyá ibẹ̀ yóò lé. Abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì wà ní ìtòsí ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí kò rí àmì kankan, wọ́n pò ó mọ́ omi dúríìpù, wọ́n sì jẹ́ kó máa kán wọlé jẹ́jẹ́ fún wákàtí bíi mélòó kan. Àwọn kan máa ń ní ibà, ara yíyún àti oríkèé ríro ní ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 lẹ́yìn rẹ̀. Èyí máa ń lọ.

Wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò náà, irú bí pẹnisílíìnì, ẹritiromáísìn tàbí asitiromáísìn, fún ọjọ́ 14. Àwọn ènìyàn máa ń pa iṣẹ́ oògùn méjì yìí pọ̀. Apakòkòrò ń pa àwọn tó ń ṣe oró, kí wọ́n má bàa ṣe òmíràn, kí ọmọ má sì ran ẹlòmíì. Kò lè ṣe nǹkan kan sí oró tó ti wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ̀ ń mú oró tó wà nílẹ̀, àmọ́ kì í pa kòkòrò. Ilé ìwòsàn tó ní ọ̀kan, tí kò ní èkejì, ìdajì iṣẹ́ ló lè ṣe.

Ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti tán

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, awọ náà rọ̀, ó ń bọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Dèjì jẹ ẹ̀kọ, ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá rẹ̀ béèrè ìgbà tí wọn yóò lọ sílé. Dókítà ní kó ṣì dùbúlẹ̀.

Oró tó ti wọlé kí ẹ̀rọ̀ tó dé ṣì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì ni ọkàn máa ń fi ohun tó jẹ hàn: ó lè máa lù ségesège, ó lè máa lù pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tàbí kó falẹ̀ jù. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀ lè ṣubú nígbà tó bá sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ yẹ bí ọkàn ṣe ń lù wò léraléra, tí wọ́n sì ń dá ọmọ tó rò pé ara òun ti yá dúró sórí ibùsùn.

Lẹ́yìn náà ni ti iṣan. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, Dèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ránmú sọ̀rọ̀, omi tó mu sì ń gba ihò imú jáde. Àjà ẹnu rẹ̀ ti rọ, kò lè dí ọ̀nà imú mọ́ nígbà tó bá ń gbé nǹkan mì. Lára àwọn mìíràn, ojú kò ní lè ka ohun tó wà nítòsí, tàbí kí ẹsẹ̀ àti apá rọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òbí tí kò mọ̀ lè rò pé wọ́n ti fi nǹkan ṣe ọmọ òun. Bí ọmọ bá lè là á já, tí wọ́n ń bọ́ ọ dáadáa tí oúnjẹ kò sì gba ọ̀nà èémí lọ, iṣan wọ̀nyí sábà máa ń padà bọ̀ sípò pátápátá.

Kánò, Èkó, Ọ̀ṣun

Kí a má rò pé ìtàn àtijọ́ là ń sọ. Ní ọdún 2011, dìfitéríà wọ abúlé Kimba àti àyíká rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Bọ̀nọ́. Ènìyàn 98 ló mú, 21 nínú wọn kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹnì kan nínú wọn tó gba àjẹsára rí. Lẹ́yìn náà, ní ìparí ọdún 2022, ó tún bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí àjọ NCDC fi máa kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2023, orúkọ Kánò, Yóbè, Èkó àti Ọ̀ṣun ti wà nínú ìròyìn náà. Kánò ló fara gbá a jù. Àwọn ọmọdé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó mú, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì gba àjẹsára pé.

Ìṣòro ẹ̀rọ̀ náà hàn gbangba nígbà yẹn. Bí àrùn kan bá ti ṣọ̀wọ́n ní àwọn ilẹ̀ olówó, àwọn tó ń ṣe oògùn rẹ̀ ń dín kù. Ilé iṣẹ́ díẹ̀ péré ló ṣì ń ṣe ẹ̀rọ̀ dìfitéríà lágbàáyé, ẹṣin kì í sì í ṣe ẹ̀rọ tí a lè ní kó ṣe ìlọ́po mẹ́wàá lọ́la. Láti òkè òkun ni Nàìjíríà ti ń retí rẹ̀. Kò tó, ó sì di dandan fún àwọn dókítà láti máa yan ẹni tí yóò gbà á.

Oró tí a yọ eyín rẹ̀

Ọ̀nà tí kò ní ẹṣin nínú, tí kò sì ní ìsáré òru nínú, ni kí ara ọmọ ti mọ ojú oró náà kó tó dé. Ní ọdún 1923, Gaston Ramon ní ilẹ̀ Faransé ṣàlàyé pé bí a bá da fọ́málíìnì sí oró dìfitéríà, tí a sì gbé e sí ibi tó móoru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ní lè pa ẹnikẹ́ni mọ́. Síbẹ̀, ìrísí rẹ̀ kò yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí ara kò fi ní dá a mọ̀. Ejò tí a yọ eyín rẹ̀ ni. Ara rí i, ó kọ́ ojú rẹ̀, ó sì kó àwọn sójà tirẹ̀ jọ. Ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára dìfitéríà títí di òní nìyẹn.

Ó yẹ ká kíyè sí ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń ṣe àti ohun tí kì í ṣe. Oró ló ń bá jà. Kì í lé kòkòrò kúrò ní ọ̀fun pátápátá. Ọmọ tó ti gbà á lè gbé kòkòrò náà kiri láìṣàìsàn, kó sì fi ran ọmọ aládùúgbò tí kò gbà á. Nítorí náà, ọmọ kan tí kò gba abẹ́rẹ́ kò lè fi ara pamọ́ pátápátá sẹ́yìn àwọn tó gbà á.

Ní Nàìjíríà, inú abẹ́rẹ́ máàrún-nínú-ọ̀kan ló wà, tí ọmọ ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ìgbà àkọ́kọ́ ń fi oró náà han ara; èkejì àti ẹ̀kẹta ló ń jẹ́ kí ara ní sójà tó pọ̀ tó. Iye sójà náà sì ń dín kù bí ọdún ti ń lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ìmúlágbára mẹ́ta sí i: ọ̀kan ní ọdún kejì ọmọ, ọ̀kan láàárín ọdún 4 sí 7, àti ọ̀kan láàárín ọdún 9 sí 15. Nígbà tí àrùn náà ń jà ní Kánò, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, títí dé ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ tètánọ́ọ̀sì àti dìfitéríà tí a ṣe fún wọn.

Dèjì lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi òwú nu ọ̀fun rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó kéré tán wákàtí 24 síra wọn, tí wọn kò sì rí kòkòrò náà mọ́. Kí ó tó kúrò, nọ́ọ̀sì gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá rẹ̀ yà á lẹ́nu: ṣé àrùn tó ti ṣe ọmọ tán kò ní dáàbò bò ó ni? Nọ́ọ̀sì ní kò dájú. Oró dìfitéríà tó tó láti pa ènìyàn kéré débi pé ó lè má tó láti kọ́ ara lẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì Dèjì, àwọn wo ló tún wà nílé?"

Gbogbo wọn ti gba apakòkòrò ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé Dèjì wá: ìyá, bàbá, ìyá bàbá àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ oṣù 9. Ìyá yọ káàdì àjẹsára ọmọ náà látinú báàgì. Nọ́ọ̀sì fi ìka tọ ìlà abẹ́rẹ́ máàrún-nínú-ọ̀kan: ọ̀sẹ̀ 6, wọ́n kọ déètì síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 10, wọ́n kọ déètì síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 14, òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá rántí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá, ẹ dì í mú fún mi."